Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìí, Àwòrán Àtijọ́ àti Ohùn Asọ̀tàn: Fíìmù Kan Láti Ìfọ̀ Dé Mowé

Fíìmù dókúmẹ́ńtárì tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí jẹ́ ti ìṣẹ́jú 26, ọ̀nà méjì ló sì dá lé. Ọ̀nà kìíní ni ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìddó lọ́dún 1896, tó gba Ìfọ̀ kọjá sí Abẹ́òkúta, tó sì ṣí títí dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Ọ̀nà kejì ni títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, tó gba ẹ̀gbẹ́ Ìbàfò àti Mowé kọjá. Ojú irin ló gbé Ìfọ̀ dìde. Títì ló kó èrò wá sí Ìbàfò àti Mowé.

Mo yan ìtàn yìí nítorí pé ó kó ìṣòro mẹ́ta tó yàtọ̀ síra sínú fíìmù kan ṣoṣo. Nípa ọdún 1901, kò sí ẹlẹ́rìí tó wà láyé mọ́, kò sì sí àwòrán tó ń rìn. Nípa ọdún 1978, àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà, ṣùgbọ́n àwòrán ṣọ̀wọ́n. Nípa ti òde òní, ẹlẹ́rìí pọ̀, fídíò orí fóònù sì pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè wò tán lọ. Nítorí náà, ohùn asọ̀tàn kò lè pọ̀ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ẹlẹ́rìí kò lè sọ, tí àwòrán náà kò sì lè fi hàn, ìyẹn nìkan ni ti asọ̀tàn, ìpín yẹn sì ń tóbi, ó ń kéré, bí a ṣe ń ti apá kan fíìmù bọ́ sí òmíràn.

Asọ̀tàn ló ń kẹ́yìn

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á jókòó kọ ọ̀rọ̀ asọ̀tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wá báìtì tí wọ́n máa há sáàárín rẹ̀. Báìtì ni gígé kúkúrú tí a yọ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Bí ẹ bá ṣe é báyẹn, àwọn ẹlẹ́rìí yóò di ẹni tó kàn ń ṣe àmín sí ohun tí asọ̀tàn ti sọ tán. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, kí àwòrán tẹ̀ lé e, kí asọ̀tàn kẹ́yìn.

Kí ẹ tó dé ìdí tábìlì ẹ́dítọ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ẹ bẹ àwọn ẹlẹ́rìí kí wọ́n fi ìbéèrè yín kún ìdáhùn wọn. Bí ẹ bá bi màmá kan pé, "Ọdún wo lẹ dé Ìbàfò?" tí wọ́n sì dáhùn pé, "Mo ti pẹ́ níbẹ̀," asọ̀tàn ni yóò máa bá yín ṣàlàyé ibi tí "ibẹ̀" wà. Ṣùgbọ́n bí màmá bá sọ pé, "Nígbà tí mo dé Ìbàfò, ilé kò tíì pọ̀," báìtì yẹn ti lè dá dúró. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ gba ìró ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Òun lẹ máa fi lẹ ibi tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá délé, ẹ tẹ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sórí ìwé, kí ẹ kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí bàbá bá fi Ẹ̀gbá tàbí Àwórì sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tún un ṣe sí ti ilé ìwé, nítorí pé ohùn ìlú náà wà lára ẹ̀rí tí bàbá ń jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun tó jẹ́ pé ẹni yẹn nìkan ló lè sọ ọ́: ohun tí ojú wọn rí, ohun tó dùn wọ́n, ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Ọdún, iye kìlómítà, orúkọ ilé iṣẹ́ tó gba kọ́ńtíráàtì, ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ nìyẹn, asọ̀tàn á sì sọ ọ́ láàárín àkókò tó kéré sí ti ẹlẹ́rìí.

Ẹ gé ìwé yẹn ní báìtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò ó sórí ilẹ̀ tàbí kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí ogún ló máa ń tó fún báìtì kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn àgbà. Àgbà wa á kí yín, á pa òwe, á yí ọ̀rọ̀ ká, ìdí ọ̀rọ̀ gan-an á sì wà ní ìparí. Ẹni tó bá kánjú gé e ti ju ẹran nù, egungun ló kù sí i lọ́wọ́. Bí ìtàn bàbá bá gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá, tó sì ń lọ bó ṣe yẹ, ẹ fún wọn ní ogójì.

Ibi tí ìwé kan kò bá ti fẹnu kan ìkejì lórí ògiri, àlàfo ló wà níbẹ̀. Nínú àwọn àlàfo yẹn ni ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ asọ̀tàn sí. Nínú ìṣẹ́jú 26 tiwa, ìwọ̀n tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni bí ìṣẹ́jú 13 fún ẹlẹ́rìí, kí asọ̀tàn má ju 6 lọ, kí ìyókù jẹ́ ti àwòrán tó ń fi ìró ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n bí asọ̀tàn bá ti ń sún mọ́ ìṣẹ́jú 10, ẹ padà sídìí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbéèrè tí ẹ bi wọ́n ni kò tó.

Ìfọ̀, níbi tí kò sí fíìmù

Apá yìí ló máa ń dán àwọn èèyàn wò jù. Ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin tó kọ́kọ́ kọjá ní Ìfọ̀ hàn, ẹ wá a títí, ẹ kò rí i. Ẹ wo ọjọ́ ìtàn dáadáa. Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó, nínú gbọ̀ngàn Glover Memorial. Ọkọ̀ ojú irin ti ń ná ọ̀nà Ìbàdàn fún ọdún méjì kí ará Èkó tó fojú kan àwòrán tó ń rìn lára ògiri. Ẹni tó bá wá fún yín ní fíìmù "ṣíṣí ojú irin Ìbàdàn, 1901", ibòmíràn ni wọ́n ti yà á, ọdún mìíràn sì ni.

Oríṣi àwòrán méjì ni ẹ́dítọ̀ máa ń fi dí àlàfo yìí. Èkíní ni fíìmù tí àwọn òyìnbó yà lẹ́yìn náà nípa ọkọ̀ ojú irin ibòmíràn ní Áfíríkà. Èkejì ni fídíò ọkọ̀ ojú irin tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n á wá sọ àwọ̀ rẹ̀ di dúdú àti funfun. Ará Ìfọ̀ á mọ èyí lójú ẹsẹ̀, àní kó tó wo orí ọkọ̀ rárá. Ojú irin àtijọ́ tóóró: mílímítà 1,067 ló wà láàárín irin kan àti ìkejì. Ti tuntun jẹ́ 1,435. Gbàrà tí èrò ìwòran bá ti rí i pé ẹ purọ́ pẹ̀lú irin, wọn kò ní gba ọdún tí asọ̀tàn ń kà gbọ́ mọ́.

Kí lẹ wá lè fi hàn? Fọ́tò wà, máàpù wà, ìwé ìjọba amúnisìn sì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ mọ ibi tó ti wá, tí ẹ kọ ibẹ̀ àti ọdún rẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, tó dúró lójú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà sí mẹ́jọ, sàn ju ìṣẹ́jú méjì àwòrán ayédèrú lọ. Ẹ má ki fèrè ọkọ̀ bọ inú fọ́tò. Fọ́tò kò ní ohùn, ẹni tó ń wò ó sì mọ̀.

Ẹ tún lè ṣe láìlo àwòrán àtijọ́ rárá. Claude Lanzmann, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé fíìmù Shoah jáde lọ́dún 1985, fi ju wákàtí mẹ́sàn-án sọ nípa bí wọ́n ṣe pa àwọn Júù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì lo àwòrán àtijọ́ kankan. Ojú irin àti ibùdókọ̀ bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ tó débẹ̀ ló yà, ó sì jẹ́ kí àwọn tó là á já sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ohun tó ṣe yìí bá Ìfọ̀ mu gan-an: ẹ ya ojú irin tóóró náà bó ṣe wà lónìí, ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ọ̀rọ̀ bàbá wá lé e.

Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ wo ni bàbá máa sọ? Ẹni ọgọ́rin ọdún lónìí kò tíì sí láyé lọ́dún 1901. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ló mọ̀. Iṣẹ́ pàtàkì tí asọ̀tàn ní níbí nìyí: kó sọ irú ẹ̀rí tó ń bọ̀ kí báìtì tó wọlé. Mo lè kọ ọ́ báyìí:

"Lọ́dún 1896, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ dé Ìbàdàn. Àwọn tó fojú rí i ti lọ. Ìtàn tí bàbá sọ fọ́mọ ló kù nílé."

Ó tán. Bàbá á wá sọ tiwọn. Bí ẹ kò bá sọ pé ìtàn àgbọ́sọ ni, ẹ ti sọ bàbá di ẹlẹ́rìí ohun tí wọn kò rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ṣírò ọjọ́ orí wọn á rò pé wọ́n ń parọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà ní ẹ̀gún tirẹ̀ nínú èdè wa. A kò lè pe bàbá ní "ó", "wọ́n" ni. Ṣùgbọ́n "wọ́n" kan náà la fi ń pe ìjọba, òyìnbó àti àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin. Bí asọ̀tàn bá wí pé, "Bàbá sọ pé wọ́n gba ilẹ̀ wọn," ta ló gba ilẹ̀, ilẹ̀ ta sì ni? Ẹni tó ń ka ìwé lè padà sẹ́yìn lọ wò ó. Ẹni tó ń wo fíìmù kò lè padà. Nínú ọ̀rọ̀ asọ̀tàn, ẹ pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì: "Ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé bàbá." Kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀ létí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.

Fífò láti Ìfọ̀ sí Ìbàfò

Ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tó le jù nínú fíìmù yìí nìyí. A fẹ́ fi ìlú kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, a fẹ́ fo ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, a sì fẹ́ kúrò lórí irin bọ́ sórí ọ̀dà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Ní báyìí tí a ti rí bí ọkọ̀ ojú irin ṣe sọ Ìfọ̀ di ìlú ńlá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàfò, níbi tí títì márosẹ̀ ti mú ìdàgbàsókè bá àwọn ará ìlú, gẹ́gẹ́ bí màmá oníbúrẹ́dì yìí yóò ṣe ṣàlàyé pé igbó kìjikìji ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ẹ wò ó dáadáa. Ìlàjì gbólóhùn náà ń tún ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán sọ. Ó ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó lanu, nígbà tó sọ pé ìdàgbàsókè ni títì mú wá, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ilẹ̀ oko rẹ̀ lọ sí i lè ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni pé ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ màmá lẹ́nu: tí màmá bá wá sọ pé igbó ni, ẹ ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lórí ògiri. Ká ní báìtì bàbá ní Ìfọ̀ parí sí pé, "Ìgbà tí mọ́tò wá pọ̀, ẹrù inú ọkọ̀ ojú irin dín kù." Ká ní ti màmá ní Ìbàfò bẹ̀rẹ̀ pé, "Igbó ni gbogbo ibí yìí nígbà tí a dé." Àwọn ọ̀rọ̀ ìparí bàbá àti ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ màmá ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ sínú sìkíríìpù bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ́dítọ̀ lè mọ ibi tó máa gé, kí asọ̀tàn sì mọ ohùn tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni kan àti èyí tó ń fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mọ́tò ni bàbá fi parí, igbó ni màmá fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò sí lẹ́nu àwọn méjèèjì ni ọdún, àti pé títì náà gba ibòmíràn. Ìwé sìkíríìpù á wá rí báyìí:

Àwòrán: Bàbá, lójú kan.
Ohùn: Báìtì bàbá, ó parí sí "…ẹrù inú ọkọ̀ ojú irin dín kù."

Àwòrán: Ojú irin tóóró ní Ìfọ̀, kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.
Ohùn: Ìró ibẹ̀ nìkan.

Àwòrán: Máàpù. Ìlà títì márosẹ̀ ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ ní ìlà-oòrùn ojú irin.
Ohùn: Asọ̀tàn: "Lọ́dún 1978, ìjọba ológun ṣí títì tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Kò gba Ìfọ̀. Apá ìlà-oòrùn ló gbà, láàárín oko."

Àwòrán: Títì ní Ìbàfò lónìí, mọ́tò ń sáré kọjá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.
Ohùn: Ìró mọ́tò, ó pọ̀, lẹ́yìn náà ó relẹ̀.

Àwòrán: Màmá nídìí ọjà wọn.
Ohùn: Báìtì màmá, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Igbó ni gbogbo ibí yìí…"

Asọ̀tàn lo bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. Kò sọ pé "ẹ jẹ́ ká lọ", nítorí máàpù ti gbé wa lọ. "Kò gba Ìfọ̀" ni gbólóhùn tó ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀: òun ló mú ọ̀rọ̀ bàbá nípa mọ́tò tẹ̀ síwájú, òun náà ló jẹ́ kí a fẹ́ mọ ẹni tó wà níbi tí títì náà gbà. Kò sì dárúkọ igbó, torí ti màmá ni.

Bí ẹ bá rí fíìmù ọjọ́ tí wọ́n ṣí títì náà, ó lè rọ́pò máàpù. Ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni NTA, pàápàá ti Ìbàdàn, tó jogún WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí Awólọ́wọ̀ àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ lọ́dún 1959. Ẹ má fi gbogbo ìrètí yín síbẹ̀, nítorí téèpù wọ́n nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri àgbáyé ló sì máa ń tẹ ètò tuntun lé èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ kọ kíù rẹ̀ ní kíkún: nọ́ḿbà téèpù, àkókò tí ẹ ti máa mú un àti ibi tí ẹ máa já a sí, ibi tí wọ́n ti yà á, ọdún rẹ̀, bóyá ó ní ohùn, àti ẹni tó fún yín láṣẹ láti lò ó. Kíù tó kàn sọ pé "fíìmù títì àtijọ́" kò wúlò. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí nílé, ẹ́dítọ̀ á mú ohun tó bá ṣáà jọ ọ́.

Kí asọ̀tàn má sì sọ ohun tí ojú ń rí. Bí àwọn ológun bá ń gé rìbọ́nù nínú fíìmù náà, gbogbo wa ti rí rìbọ́nù. Ohun tí a kò lè rí ni pé Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni olórí ìjọba nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí àwòrán náà rìn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí asọ̀tàn tó lanu, nítorí ojú máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó jẹ́ tuntun sí i. Ohun tí ẹ bá sọ láàárín ìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ.

Bí màmá bá wá sọ pé "lọ́dún 1975 tí wọ́n ṣí títì" ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí asọ̀tàn wọlé lẹ́yìn wọn wá máa bá wọn jiyàn, ìwà àìlọ́wọ̀ ni. Asọ̀tàn ti sọ 1978 ṣáájú. Ẹ gé ọdún kúrò nínú báìtì, kí ẹ di ohun tí màmá rí mú. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe náà bá jẹ́ ìdí ọ̀rọ̀ wọn gan-an, bí àpẹẹrẹ tí wọ́n bá sọ pé títì ló kọ́kọ́ dé, kí ojú irin tó dé, ẹ kò gbọdọ̀ lo báìtì yẹn rárá.

Mowé, níbi tí àwòrán ti pọ̀ jù

Nígbà tí fíìmù bá dé òde òní, asọ̀tàn gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn. Oṣù keje ọdún 2013 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fi àtúnkọ́ títì márosẹ̀ náà lọ́lẹ̀. Kìlómítà 127.6 ni gbogbo rẹ̀. Julius Berger gba apá Èkó títí dé Ṣágámù, tí Ìbàfò àti Mowé wà nínú rẹ̀, RCC sì gba ìyókù dé Ìbàdàn. Iṣẹ́ náà jẹ ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ẹni tó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló sì ní fóònù lọ́wọ́. Gbólóhùn mẹ́ta ló tó asọ̀tàn nínú ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí apá yìí ní.

Ìṣòro fídíò orí fóònù ni pé kò ní ìyá, kò ní bàbá. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti orí Wásáàpù kan sí òmíràn ti sọ ọjọ́ rẹ̀ nù, wọ́n sì lè kọ "Mowé lánàá" sára ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kara lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ wá ẹni tó yà á gan-an, kí ẹ gba fáìlì àkọ́kọ́ lórí fóònù rẹ̀, kí ẹ gbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ wo inú fídíò náà: pátákó ìpolówó wo ló wà lẹ́yìn, ṣé títì àtijọ́ ni àbí tuntun, ṣé afárá tí ẹ mọ̀ wà níbẹ̀? Ohun tí ẹ kò bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kò gbọdọ̀ ní ọdún lára, kò sì gbọdọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ohùn wà nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ń kígbe nínú fídíò pé òun ti wà lójú kan láti àárọ̀, báìtì nìyẹn. Ẹ má fi asọ̀tàn bò ó mọ́lẹ̀ láti wá ṣàlàyé pé ọ̀nà dí.

Ibí yìí náà ni àwọn ẹlẹ́rìí á ti takora. Awakọ̀ kan lè sọ pé àpéjọ ìjọ ló ń dí ọ̀nà, kí ọmọ ìjọ kan sọ pé àwọn tó ń tún títì kọ́ ló fà á. Àgọ́ Ìràpadà tí ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1983 wà nítòsí Mowé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń gba títì yẹn lọ sí àpéjọ. Ẹ fi báìtì méjèèjì ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìsí asọ̀tàn láàárín. Tí asọ̀tàn bá máa sọ ohunkóhun, kó sọ ọdún méjì yẹn nìkan, 1983 àti 2013, kó sì dákẹ́. Ẹ tún ṣọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá ń kà á, torí pé ohùn tó bá rọ̀ fún ẹnì kan tó sì le fún ẹnì kejì ti dá ẹjọ́, bí ọ̀rọ̀ inú ìwé kò tilẹ̀ dá a.

Kíkà á sórí àwòrán

Kí ẹ tó gbé sìkíríìpù fún asọ̀tàn, ẹ fi gbogbo àmì ohùn sí i, títí kan orúkọ ìlú. Ẹ bi ará ìlú náà bí wọ́n ṣe ń pè é, kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí asọ̀tàn gbọ́ ọ. Ẹ pinnu bí ẹ ó ṣe pe ọdún, kí ẹ sì kọ ọ́ lọ́rọ̀, nítorí pé ọdún tí a bá fi òǹkà Yorùbá gidi pè lè gùn débi pé àwòrán á tán kó tó parí lẹ́nu. Mo máa ń ka gbogbo rẹ̀ sókè fúnra mi pẹ̀lú aago fóònù. Bí ogún ọ̀rọ̀ bá ti ń gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ, ó máa ń jẹ́ pé gbólóhùn náà wúwo lẹ́nu. Ẹ gé ọ̀rọ̀, ẹ má sọ pé kí asọ̀tàn sáré. Nígbà tí W. H. Auden kọ ewì fún Night Mail lọ́dún 1936, fíìmù ọkọ̀ ojú irin tó ń kó lẹ́tà lóru láti London lọ sí Scotland, wọ́n ju ọ̀pọ̀ ìlà rẹ̀ nù kó lè bá àwòrán mu. Bí ti akéwì bẹ́ẹ̀ bá ṣeé gé, tiwa náà ṣeé gé.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlù. Àwọn tó ń ṣe fíìmù lédè mìíràn lè fi ìlù èyíkéyìí sábẹ́ ohùn asọ̀tàn, nítorí orin lásán ni létí wọn. Dùndún ń sọ̀rọ̀. Bí ìyáàlù bá ń ki ẹnì kan lábẹ́ ohùn asọ̀tàn, ẹni tó gbọ́ ìlù á gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mú ìkankan délé. Ẹ gbé ìyáàlù sí ibi tí asọ̀tàn ti dákẹ́, tàbí kí ẹ lo ohun èlò tí kò fọhùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ fíìmù náà wò lọ́nà méjì. Ẹ kọ́kọ́ di ojú yín, kí ẹ fetí sí i. Bí gbogbo ìtàn bá yé yín bí ètò rédíò, asọ̀tàn ti sọ àsọjù, ó ti gba iṣẹ́ àwòrán ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn asọ̀tàn nìkan, kí ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú yín lójú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ibẹ̀ nìkan ni asọ̀tàn ní iṣẹ́. Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ tó bá bọ́ sí ibòmíràn, ẹ fa igi lé e, kí ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni nínú yín á béèrè rẹ̀.

Kí ẹ tó tú asọ̀tàn sílẹ̀ ní sítúdíò, ẹ ní kó ka ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ti kíkún àti èyí tó kúrú jù. Fún Ìbàfò, èyí tó kúrú lè jẹ́ "Lọ́dún 1978, títì tuntun ṣí. Kò gba Ìfọ̀." Ó ṣeé ṣe kí NTA pè yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé téèpù ti yọjú, kí àwòrán sì sọ ìyókù fúnra rẹ̀.